Keep, Obsidian tàbí Joplin: níbo ni kí ìwé àṣírí yín máa gbé?

Kí ẹ tó yan áàpù tí ẹ ó máa kọ àfojúsùn yín àti ọ̀rọ̀ inú yín sí lálaalẹ́, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ẹ ò fẹ́ kó kà á. Ní Ogbómọ̀ṣọ́ níbí, ẹni tó wà nítòsí ló máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹ wo tísà kan tó kọ gbèsè tó jẹ àti aáwọ̀ òun pẹ̀lú àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ sínú fóònù. Gíláàsì fóònù náà fọ́, ó gbé e lọ sí Tákíè nínú ìlú, ẹni tó fẹ́ tún un ṣe sì ní kó sọ píìnì fóun. Bó bá ti sọ ọ́, àṣírí tú nínú áàpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Keep kì í ti ìwé kankan. Fáìlì lásán tó parí sí `.md` ni Obsidian máa ń fi sórí fóònù. Joplin ńkọ́? Ohun tó bá fi ránṣẹ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń fi kọ́kọ́rọ́ tì. Èyí tó wà lórí fóònù ò ní ààbò bẹ́ẹ̀. Fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ Samsung tuntun ní `Maintenance mode` nínú Settings. Ẹ tàn án, ẹni tó ń tún fóònù ṣe ò ní rí nǹkan yín kankan. Ṣùgbọ́n ojú fóònù gbọ́dọ̀ ṣì máa ṣiṣẹ́ kí ẹ tó lè tàn án.

Ká ní ó wá nu gbogbo inú fóònù náà ńkọ́? Ti Keep á padà wá bí ẹ bá ti wọ akáǹtì Google yín, nítorí ọ̀dọ̀ Google ló wà. Google náà ló sì di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú, nítorí náà ẹnikẹ́ni tó bá rí akáǹtì yín ní ṣíṣí lórí kọ̀ǹpútà káfẹ́ á kà á. Ti Obsidian lọ nìyẹn, àfi bí ẹ bá ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí fláàṣì. Ọ̀fẹ́ ni Obsidian, ṣùgbọ́n owó oṣooṣù ni wọ́n ń gbà fún `Obsidian Sync`.

Joplin ni mo fara mọ́ jù fún ìwé ọkàn. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì lè fi ìwé yín pamọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ Dropbox; Dropbox ọ̀fẹ́ tó ní àyè 2 GB sì tó o. Ẹ tan `Encryption` kí ẹ tó fi ìwé àkọ́kọ́ ránṣẹ́, torí Dropbox lè tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́ tí kò tíì tì fún 30 ọjọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ọ̀kan nínú àwọn fáìlì ibẹ̀ wò. Bó bá ti tì, ẹ ó rí èyí:

```
encryption_applied: 1
```

Bí ẹ bá ń ka ọ̀rọ̀ yín ketekete, kò tíì tì. Ẹ kọ páswọ́ọ̀dù tí ẹ fi tan `Encryption` sórí ìwé, kí ẹ fi pamọ́ sílé; bí fóònù bá sọnù tí ẹ sì gbàgbé rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bá yín ṣí i, àní àwọn tó ṣe Joplin pàápàá.

Àfojúsùn lásán, bí iye ojú ìwé tí ẹ fẹ́ kà lọ́sẹ̀, lè wà ní Keep. Ọ̀rọ̀ gbèsè àti ti ará ilé ni kí ẹ kó lọ sí Joplin.