Ọ̀gá tó kọ̀ láti ta géèmù fún mi: àgbéyẹ̀wò ṣọ́ọ̀bù kan

Ẹ̀yin ará, n kì í sábà kọ irú nǹkan báyìí, àmọ́ inú tó bí mi lọ́jọ́ yẹn ò jẹ́ kí n lè panu mọ́. Mo ti mú síìdì géèmù dání, mo ti yọ káàdì báńkì síta, ni ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù bá na ọwọ́, ó rọra gba géèmù náà lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ànti, ẹ má bínú, mi ò lè ta èyí fún yín báyìí." Ẹ gbọ́ o. Èmi ni mo fẹ́ sanwó, òun ló ní òun ò tà. Mo ní kí ló dé, ṣé owó mi kò dá a lójú ni?

Ẹ jẹ́ kí n tò ó fún yín. Ọmọ àbúrò mi fẹ́ pé ọdún mẹ́sàn-án, ẹ̀rọ géèmù PS5 ló wà nílé wọn. Ohun tí mo sì sọ fún ọmọkùnrin tó dúró sídìí káńtà nìyẹn nígbà tí mo wọlé. Kò gbójú sókè kúrò lórí fóònù ẹ̀, ó kàn na ìka sí pẹpẹ, ó ní, "Ìyẹn ló ń tà jù, mà." Géèmù ogun ni, ìbọn lọ́tùn-ún, iná lósì. Mo yí páálí ẹ̀ síhìn-ín, 18 gbàgàdà ló wà ní igun ìsàlẹ̀. Mo ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo pè o. Ó ní, "Gbogbo wọn náà ló ń ṣe é, mà." Ká ní ọmọ mi ni, màá ti mọ ohun tí màá ṣe fún un. Mo fi tiẹ̀ sílẹ̀, mo mú géèmù bọ́ọ̀lù, torí kò sí ọmọkùnrin tí mo mọ̀ tí kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, ìdí káńtà ni mo sì wà tí ọ̀gá yẹn fi jáde látinú yàrá ẹ̀yìn tó wá gba nǹkan lọ́wọ́ mi.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mi ni pé ṣé PS5 ilé wọn ní ojú ibi tí wọ́n ń ki síìdì bọ̀. Mo ní báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀, ṣé èmi ni mò ń bá wọn nu eruku ara ẹ̀ ni? Kò bínú, ẹ̀rín ló rín. Ó ní kí n pe ìyá ọmọ, kó ya fótò iwájú ẹ̀rọ náà àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wá. Mo ń kùn, mo sì pè é. Àbúrò mi fi fótò ránṣẹ́, ọ̀gá gba fóònù, ó fẹ fótò náà títí, ó wá gbé e sí mi lójú, ó ní, "Ẹ wò ó, ànti, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣe déédéé, kò sí ẹnu. Èyí ò ní gba síìdì kankan láyé." Ó ní oríṣi PS5 kan wà tí wọn ò ṣe ojú síìdì sí rárá, orí ayélujára nìkan ni wọ́n ti ń ra géèmù sínú ẹ̀. Ìyẹn ni pé tí mo bá sanwó géèmù tí mo mú yẹn, ọmọ á tú u lọ́jọ́ ìbí, á yí ẹ̀rọ po, kò ní rí ibi tó máa kì í bọ̀.

Mo ní ṣé wọn ò lè ra ẹnu síìdì yẹn lọ́tọ̀ ni. Ó ní èyí tó jáde lẹ́yìn, láti 2023, wọ́n lè ra tiẹ̀ kí wọ́n so ó mọ́ ọn. Ó fi bí èèyàn ṣe máa dá a mọ̀ hàn mí lára èyí tó wà lórí pẹpẹ: ike funfun ara ẹ̀ pín sí mẹ́rin, ìlà kan la ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá. Ti àbúrò mi dán láti òkè délẹ̀, kò sí ìlà kankan, èyí tó kọ́kọ́ jáde ní 2020 ni, kò sì sí nǹkan tí wọ́n lè so mọ́ ọn. Ibi tó dé yìí ni inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ẹni tó fẹ́ tajà nìkan, síìdì ló máa dì fún mi, kó gbowó, kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pé ọjà tí wọ́n bá ti tú kò ṣeé dá padà. Àní, ó kúkú lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ó gbé àga fún mi. Ó wá ń bi mí ní ìbéèrè bíi dókítà. Ta ni ọmọ ń bá ṣeré? Mo ní àbúrò ẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ojoojúmọ́ sì ni wọ́n ń jà. Kí ni wọ́n ń jà sí? Mo ní páàdì, ọ̀kan ló wà, tí ìkan bá mú un ìkejì á ké. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ànti, ọ̀rọ̀ géèmù nìkan kọ́ nìyí o." Mo fẹ́ràn gbólóhùn yẹn.

Ibẹ̀ náà ló ti wá bà á jẹ́ o. Ó ní kí n tún pe àbúrò mi, kóun fúnra òun bá a sọ̀rọ̀. Mo pè é, ó gbà á, ó tẹ sípíkà, pẹ̀lú ohùn tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń gbọ́ ó ní, "Ẹ káàsán mà, ọjọ́ ìbí ọmọ yín la fẹ́ ra géèmù fún, ṣé páàdì kan péré ló ní?" Kí àbúrò mi tó lanu, ohùn ọmọ náà ló jáde ketekete: "Bẹ́ẹ̀ ni sà! Ẹ ra méjì!" Áà! Nǹkan tí mo ti ń fi pamọ́ látọjọ́ yìí. Mo wo ọ̀gá, ọ̀gá wo fóònù, ọmọ ìdí káńtà yẹn wá gbójú sókè nígbà àkọ́kọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ní "ẹ pẹ̀lẹ́ mà" lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ bíi pé kò sí nǹkan kan. Kò sí ẹ̀bẹ̀ gidi, kò sí pé jẹ́ kí n yọ nǹkan díẹ̀ nínú owó. Mi ò tíì gbàgbé ẹ̀ títí di bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Àmọ́ ká sòótọ́, ọkùnrin yẹn mọ iṣẹ́ ẹ̀. Ó ní ṣé mo rí géèmù bọ́ọ̀lù yẹn, kò sóhun tó burú nínú ẹ̀, àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀, In-Game Purchases, ìyẹn ni pé nǹkan títà wà nínú géèmù fúnra ẹ̀, ọmọ á sì máa yọ ìyá ẹ̀ lẹ́nu. Ó ní nọ́ńbà ọjọ́ orí tí wọ́n ń pè ní PEGI tó wà lára páálí, kì í ṣe bí géèmù ṣe le tó ló ń sọ, ohun tí ọmọ máa rí àti ohun tó máa gbọ́ ló ń sọ. Géèmù tí wọ́n kọ 3 sí lè le tó bẹ́ẹ̀ tí àgbàlagbà á fi jáwọ́. Ó yí páálí mélòó kan sẹ́yìn, ó fi iye èèyàn tó lè jọ ṣe é hàn mí, ó ní kí n máa fara balẹ̀ kà á: tó bá jẹ́ iye àwọn tó ń pàdé lórí ayélujára ni wọ́n kọ, ìyẹn kò ní kí ọmọ méjì jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n kan ṣe é, òmíì sì wà tó jẹ́ pé èèyàn á tún san owó PlayStation Plus kó tó lè bá ẹlòmíì pàdé níbẹ̀.

Èyí tó mú fún wa ni Overcooked! All You Can Eat. Kíṣìnì ni, ẹ̀yin mélòó kan lẹ jọ ń sáré gbé oúnjẹ jáde kí àkókò tó tán, ìkan ń gé ẹ̀fọ́, ìkan ń fọ àwo, èèyàn mẹ́rin lè jọ ṣe é lórí tẹlifíṣọ̀n kan. Ó ní ibì kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n kọ Assist Mode sí, tí wọ́n bá tàn án, àkókò á gùn sí i, ọmọ ọdún mẹ́fà náà á lè bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ṣe é.

Ó wá ku páàdì. Mo nawọ́ sí ti PS4, torí owó ẹ̀ kéré. Kíá ló ní, "Rárá mà. Yóò so mọ́ PS5 o, àmọ́ géèmù PS4 nìkan ló máa lè bá ṣe nínú ẹ̀." DualSense, ìyẹn páàdì PS5 fúnra ẹ̀, ló mú wá. Ó tún ní kí n mọ̀ pé kò sí okùn nínú páálí ẹ̀, okùn tó bá ẹ̀rọ wá ni kí wọ́n fi so ó, kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì PS, ó tán. Ẹ wò ó, irú nǹkan kékeré yẹn ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ìbí.

Géèmù fúnra ẹ̀, kóòdù owó PlayStation Store, ṣọ́ọ̀bù orí ayélujára wọn, ló tà fún wa, iye ẹ̀ sì tó ra géèmù náà. Kó tó fọwọ́ kàn án, ó béèrè orílẹ̀-èdè tí wọ́n fi ṣí àkáǹtì àbúrò mi, kì í ṣe ibi tí wọ́n ń gbé o, èyí tí wọ́n yàn lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i. Ó ní kóòdù orílẹ̀-èdè kan kì í wọ àkáǹtì orílẹ̀-èdè míì, tí wọ́n bá sì ti ha á, ẹnikẹ́ni ò ní gbà á padà. Àbúrò mi lọ wò ó, nígbà náà ni ọ̀gá tó yọ káàdì tí kóòdù wà lára ẹ̀. Ó sọ fún un pé orí àkáǹtì ìyá ni kó ti rà á, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò pé Console Sharing and Offline Play wà ní títàn lórí ẹ̀rọ náà, àwọn ọmọ á lè ṣe é lórí àkáǹtì tiwọn. Ó ní kó dáúnlóòdù ẹ̀ sílẹ̀ ní alẹ́ tó ṣáájú, kí ọmọ má lọ jókòó máa wo ìlà tó ń rìn lójú tẹlifíṣọ̀n nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ dúró.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, mo ní kí wọ́n bá mi fi bébà wé páàdì. Kò sí bébà! Ṣọ́ọ̀bù tó ń ta nǹkan ìṣeré ọmọdé, wọn ò ní bébà tí wọ́n fi ń wé ẹ̀bùn. Nylon dúdú ni ọmọkùnrin yẹn ju páàdì sí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì POS wọn náà lọ, ó bọ̀, ó lọ, àwọn èèyàn tò sẹ́yìn mi, wọ́n ń pòṣé, torí ọ̀gá ò dá ẹlòmíì lóhùn ní gbogbo àkókò yẹn.

Lọ́jọ́ ìbí, ọmọ ò ya ẹnu nígbà tó tú páàdì, ó kàn ní "mo ti mọ̀". Ó dùn mí wọra. Àmọ́ nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ọmọ ọdún mẹ́fà yẹn ló dúró sórí àga tó ń pàṣẹ fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀, "Fọ àwo! Fọ àwo, iná ti mú u!" ẹ̀gbọ́n sì ń sáré fọ àwo. Páàdì méjì, kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ ẹnì kan.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Torí sípíkà yẹn ni. Ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá pé mò ń bọ̀ nígbà tí ọjọ́ ìbí ti obìnrin bá kù díẹ̀, mi ò lè lọ ra á níbòmíì, àmọ́ fóònù mi ò ní kúrò lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ ya fótò iwájú àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ilé yín dání, ẹ mú bébà tẹ́ ẹ máa fi wé ẹ̀bùn lọ, tó bá sì jẹ́ ọmọ ìdí káńtà yẹn nìkan lẹ bá, ẹ dúró de ọ̀gá.