Dẹ́kìn Aláìní-bíìmù: Ṣé Pẹlẹbẹ Lásán Ni, Àbí Onírọ̀rí? Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Kọ́ Pílásà ní Ìlọrin

Ọ̀pọ̀ oníbàárà tó wá bá mi nítorí pílásà ìtajà ní Ìlọrin ló máa ń sọ pé òun kò fẹ́ kí bíìmù yọ lábẹ́ dẹ́kìn. Ìdí rẹ̀ yé mi: bí abẹ́ dẹ́kìn bá tẹ́jú, ibi tó bá wu onílé ló lè fi ògiri ṣọ́ọ̀bù sí. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dé ibẹ̀, àwòrán méjì ni yóò wà lórí tábìlì. Nínú ọ̀kan, dẹ́kìn náà pẹlẹbẹ lásán, ó sì jókòó sórí àwọn òpó láìsí ohunkóhun láàárín wọn. Nínú èkejì, abẹ́ dẹ́kìn náà nípọn sí i níbi tó ti pàdé òpó kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé a fi ìrọ̀rí lé òpó lórí. Dúróòpù páńẹ́ẹ̀lì ni àwa ẹnjiníà ń pè é. Ìrọ̀rí òpó ni n óò máa pè é níhìn-ín. Àwòrán kejì wọ́n díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, oníbàárà a sì fẹ́ mọ ohun tí òun ń fi owó yẹn rà.

Ohun tó ń rà ni pé kí òpó má ṣe dá dẹ́kìn lu. Ẹni tó bá ti jẹ wàrà ní Ìlọrin yóò tètè mọ ohun tí mò ń sọ. Bí o bá gbé wàrà lé orí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo, tí o sì tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ìgbálẹ̀ náà yóò yọ lókè. Bí o bá fi pákó pẹlẹbẹ kékeré sí àárín ìgbálẹ̀ àti wàrà, yóò gbé e dúró. Nínú ilé tó ní bíìmù, bíìmù ló ń gba ẹrù lọ́wọ́ dẹ́kìn kó tó gbé e fún òpó. Níbi tí kò bá sí bíìmù, gbogbo ẹrù tó wà yí òpó ká ló ń kóra jọ sí ojú kan tí kò fẹ̀ ju orí òpó lọ. Bí kọnkéré bá já níbẹ̀, ó máa ń já yípo òpó, ní dídagun láti ìsàlẹ̀ sókè, èyí tó kù lára dẹ́kìn a sì wó lulẹ̀ tòun ti ẹrù rẹ̀.

Ohun tó burú jù nínú ìdálu yìí ni pé kì í kìlọ̀ tó. Dẹ́kìn tí irin rẹ̀ kò tó á máa tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ojú yóò fi rí i, ṣùgbọ́n ìdálu lè ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Ilé ìtajà Sampoong tó wó ní Seoul, ní orílẹ̀-èdè South Korea, ní ọdún 1995, aláìní-bíìmù ni dẹ́kìn rẹ̀. Wọ́n ti rí ibi tó sán lókè ilé náà ṣáájú, síbẹ̀ wọn kò kó àwọn èèyàn jáde, ẹni 502 ló sì bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé àwòrán méjèèjì sórí ìwọ̀n kan náà. Ká ní òpó wọn fi mítà 6 jìnnà síra ní ìhà méjèèjì, fífẹ̀ òpó kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 300 sí 300, ìnípọn dẹ́kìn sì jẹ́ mìlímítà 225. Òfin ìṣirò BS 8110, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní Nàìjíríà ṣì ń lò, ni n óò tẹ̀ lé. Bí a bá ro ìwúwo dẹ́kìn, ti táìsì àti ògiri, àti ẹrù ṣọ́ọ̀bù pọ̀, tí a sì fi àfikún ààbò sí i, ohun tó ń bọ̀ wá sórí òpó àárín kan ṣoṣo láti ara dẹ́kìn kan jẹ́ kílò-níútìn 608, èyí tó tó tọ́ọ̀nù 62.

A kì í yẹ ìdálu wò ní ojú òpó nìkan. A ó fa ìlà kan yí òpó ká, kí ó jìnnà sí ojú òpó ní ìlọ́po kan àbọ̀ ti d. Ohun tí à ń pè ní d ni ìwọ̀n láti abẹ́ dẹ́kìn dé àárín irin òkè. Nínú dẹ́kìn yìí, ó jẹ́ mìlímítà 185. Gígùn ìlà náà yípo ni u, ẹrù tó wà lẹ́yìn ìlà náà sì ni V. Ìnira tó wà lára kọnkéré nìyí:

```
v = 1.15 × V / (u × d)
```

Ìdí tí 1.15 fi wọ̀ ọ́ ni pé ẹrù apá kan òpó kì í bá ti apá kejì dọ́gba tán. Fún dẹ́kìn pẹlẹbẹ lásán, u jẹ́ mìlímítà 3420, v sì jẹ́ níútìn 1.08 lórí mìlímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Kọnkéré oníwọ̀n 25, pẹ̀lú irin òkè tó pọ̀ dáadáa, kò lè gbà ju 0.71 lọ. Ẹrù náà ti fi ìdajì lé agbára rẹ̀. Àwòrán tó dára lójú yìí kò yege bó ṣe wà yẹn.

Ní ti onírọ̀rí, a ó fi ìrọ̀rí tó fẹ̀ ní mítà 2 sí mítà 2 sí abẹ́ dẹ́kìn kan náà, ìnípọn rẹ̀ yóò sì jẹ́ mìlímítà 125. D yóò wá di 310. Ohun méjì ló yí padà lẹ́ẹ̀kan náà: ibi tó fẹ́ já ti jìn sí i, ìlà tó yí òpó ká náà sì ti gùn dé 4920, nítorí pé d ló ń sọ bí ìlà náà yóò ṣe jìnnà sí òpó. Ìnira wálẹ̀ sí 0.45. Agbára kọnkéré náà dínkù sí 0.53, nítorí pé irin kan náà ni a wá tẹ́ sínú kọnkéré tó jìn sí i, ṣùgbọ́n ó yege. A tún gbọ́dọ̀ yẹ ìlà kejì wò, èyí tó wà lẹ́yìn ìrọ̀rí, níbi tí dẹ́kìn ti padà di 225. Níbẹ̀, ìnira jẹ́ 0.30 péré.

Oníbàárà kan sọ fún mi lójú méjèèjì pé kí n kúkú jẹ́ kí gbogbo dẹ́kìn nípọn, kí abẹ́ rẹ̀ lè tẹ́jú. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ níwájú rẹ̀. Bí gbogbo dẹ́kìn bá di 350, ìwúwo tirẹ̀ fúnra rẹ̀ á gbé ẹrù orí òpó dé 760, irin òkè kan náà kò sì ní tó o mọ́.

| | Pẹlẹbẹ 225 | Onírọ̀rí | Pẹlẹbẹ 350 |
|---|---|---|---|
| Ìnira | 1.08 | 0.45 | 0.55 |
| Agbára kọnkéré | 0.71 | 0.53 | 0.53 |
| Kọnkéré tó lé, fún òpó kan | kò sí | 0.5 m³ | 4.5 m³ |

Ìlọ́po mẹ́sàn-án kọnkéré ni yóò san owó rẹ̀, dẹ́kìn náà yóò sì tún kùnà díẹ̀. Bí a bá sọ òpó di 500 sí 500, ìnira á wálẹ̀ sí 0.87, èyí tó ṣì ga ju 0.71 lọ, òpó gbàǹgbà á sì ti gba àyè nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀nà kan ṣì wà tí àwọn alátìlẹ́yìn dẹ́kìn pẹlẹbẹ yóò mẹ́nu bà: a lè to àwọn irin kéékèèké dúró lóòró yí òpó ká. Òfin gbà á láyè bí dẹ́kìn kò bá fẹ́lẹ́ ju 200 lọ, ìlànà ìṣirò irin rẹ̀ tó wọ́pọ̀ sì wà fún ìnira tí kò ju ìlọ́po 1.6 agbára kọnkéré lọ; bí ó bá kọjá ìyẹn dé ìlọ́po 2, irin náà gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i gan-an. Níhìn-ín, ìlọ́po yẹn jẹ́ 1.14, ìnira wa sì jẹ́ 1.08. Ó yege lórí ìwé. Èmi kò ní rà á, nítorí ohun tí mo ti fojú rí ní sáìtì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ju kọnkéré sórí dẹ́kìn kan tí mo lọ wò ní Tánkẹ̀, àwọn lébìrà ń gba orí irin òkè kọjá pẹ̀lú páànù kọnkéré lórí. Àga irin tó yẹ kó gbé irin òkè dúró kò tó, irin náà sì ń rì lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Mo fi tépù wọ̀n ọ́n: ó ti wálẹ̀ ní mìlímítà 35. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí dẹ́kìn pẹlẹbẹ wa yìí, d yóò di 150, ìlà yípo yóò kúrú, ìnira yóò sì fò sókè sí 1.53, nígbà tí ìlọ́po 1.6 yẹn kò ju 1.29 lọ. Irin òòró tí a ṣírò fún 1.08 kò ní tó o mọ́. Bí àṣìṣe kan náà bá ṣẹlẹ̀ sí onírọ̀rí, d á di 275, ìnira á di 0.55, agbára kọnkéré á sì jẹ́ 0.56. Àyè tó kù kéré, ṣùgbọ́n kò tíì já. Lójú tèmi, ìdáríjì yìí ni owó ìrọ̀rí ń rà níbi tí a ti mọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ.

Ìrọ̀rí náà ní ìṣòro tirẹ̀. Kápẹ́ńtà yóò gba owó sí i nítorí pákó àpótí tó máa ṣe sórí òpó kọ̀ọ̀kan. Orí yàrá yóò fi mìlímítà 125 rẹlẹ̀ nítòsí òpó, ògiri tó bá sì gba abẹ́ ìrọ̀rí kọjá ní láti ní ìgbésẹ̀ lókè. Èyí tó léwu jù ni ìrọ̀rí kékeré tí wọ́n ń fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Bí wọ́n bá ṣe é ní mìlímítà 600 sí 600, ìlà ìdálu yóò kàn sún sí ẹ̀yìn rẹ̀ ni: ìnira níbẹ̀ jẹ́ 0.79, ó sì kùnà. Èyí tí ìnípọn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 75 kò tó bákan náà. 100 ló bẹ̀rẹ̀ sí í yege. Nítorí náà, kí o béèrè ìwọ̀n méjèèjì, kí fífẹ̀ rẹ̀ má sì kéré ju ìdá mẹ́ta àlàfo òpó sí òpó lọ.

Kì í ṣe gbogbo ilé ló nílò rẹ̀. Bí ilé gbígbé ni, tí òpó rẹ̀ sì fi mítà 4.5 jìnnà síra, ìnira lórí dẹ́kìn 225 kan náà kò ju 0.46 lọ. Ẹni tó bá ní kí o san owó ìrọ̀rí níbẹ̀ ń fi owó rẹ ṣòfò. Òpó etí ilé àti ti igun ni kí o fojú sí, nítorí pé apá kan ìlà yípo kò sí níbẹ̀. Bákan náà ni òpó tí púlọ́ńbà fẹ́ gbẹ́ ihò páìpù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí pé ihò yẹn á gé nínú u.

Èyíkéyìí tí o bá rà, gba ojú ìwé tí wọ́n ti ṣe ìṣirò òpó àárín, òpó etí àti òpó igun kí o tó buwọ́ lùwé. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ju kọnkéré, mú tépù lọ. Ti òpó kọ̀ọ̀kan dé, kí o wọ̀n láti ojú pákó sí orí irin tó wà lókè jù: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 200 fún dẹ́kìn pẹlẹbẹ 225, tàbí 325 láti ìsàlẹ̀ ìrọ̀rí. Bí ó bá dín ní 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n fi àga irin kún un kí míkísà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí.