Ọdún méjì pẹ̀lú tiransifọ́mà 1,000 kVA onífáànù: ibi tó ti tẹ́ mi lọ́rùn àti ibi tó ti fún mi ní wàhálà

Èmi ni mo ń bójú tó iná ilé alájà mẹ́wàá kan. Ṣọ́ọ̀bù wà nísàlẹ̀, ọ́fíìsì wà láàárín, fúláàtì 40 wà lókè. Tiransifọ́mà gbígbẹ tí wọ́n fi résìnì bo wáyà rẹ̀ ni a rà, torí pé inú ilé ló wà, a ò sì fẹ́ epo lábẹ́ ibi tí èèyàn ń sùn.

Kọntirakítọ̀ wa ò fẹ́ 1,000 rárá, 2,000 ló ní ká rà. Ó ro gbogbo ohun tó ń lo iná nínú ilé pọ̀, ó rí 1,480 kW. Ó fi 0.9 pín in, ìyẹn pawa fákítọ̀, ìwọ̀n iná tó ń ṣiṣẹ́ gidi nínú kVA, ó jẹ́ nǹkan bíi 1,640 kVA, ó wá mú ìwọ̀n tó wà lókè ìyẹn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé gbogbo wọn ló máa tan nǹkan wọn lẹ́ẹ̀kan náà ni?" Ó rẹ́rìn-ín.

A jókòó, a wo ọjọ́ kan ní wákàtí-wákàtí. Ní aago méjì ọ̀sán, ọ́fíìsì ń jẹ 340 kW, ṣọ́ọ̀bù 220, fúláàtì 70 péré torí pé àwọn onílé ti lọ síbi iṣẹ́, ẹ̀rọ agbéniròkè àti pọ́ǹpù omi 80. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 710. Ní aago mẹ́jọ alẹ́, fúláàtì gòkè sí 210, ṣọ́ọ̀bù 260, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ti wálẹ̀ sí 60, ẹ̀rọ agbéniròkè àti pọ́ǹpù ṣì wà ní 80, nítorí náà 610 ni àpapọ̀. Ìgbà tí ẹnì kan bá ń wọlé ni ẹnì kejì ń jáde. 710 tó ga jù yẹn kò ju nǹkan bíi 790 kVA lọ. Bí iná bá ń pọ̀ sí i ní ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún, ó máa tó 1,060 ní ọdún kẹwàá.

Ibẹ̀ ni fáànù ti wúlò. Ohun tí wọ́n kọ sára àwo irin rẹ̀ ni AN 1000, AF 1400: afẹ́fẹ́ lásán ni 1,000, fáànù ni 1,400. Títí di ọdún kẹjọ, a ò nílò fáànù. Lẹ́yìn náà, wákàtí díẹ̀ lọ́sàn-án nìkan ló máa bá wa gbé e. Bí ẹ bá fẹ́ fi fáànù gbé ẹrù ojoojúmọ́ láti ọjọ́ kìíní, ìwọ̀n tó kéré jù lẹ ń rà nìyẹn.

Mo rò pé 1,000 máa borí ní ti iná tó ń ṣòfò, àmọ́ ìṣirò tú mi fó. Irin inú rẹ̀ ń jẹ 1,395 wáàtì tọ̀sán-tòru, bí ilé tilẹ̀ ṣófo. Ti 2,000 jẹ́ 2,340. Wáyà ti 1,000 ń jẹ 9,000 wáàtì nígbà tó bá gbé ẹrù rẹ̀ kún, ti 2,000 ń jẹ 16,000. Bí ẹrù bá di ìlọ́po méjì, òfò wáyà ń di ìlọ́po mẹ́rin, nítorí náà ẹrù 790 wa mú wáyà tiwa gbóná ju ti ńlá yẹn lọ. Mo fi 0.325 ṣe ìwọ̀n òfò wáyà láàárín ọdún, mo rí nǹkan bíi 28,200 kWh lọ́dún fún 1,000, àti 27,600 fún 2,000. Ìyàtọ̀ 600 péré! Bí ẹrù bá sì ń pọ̀ sí i, ńlá ni yóò máa jèrè sí i. Ohun tó mú mi dúró lórí 1,000 ni pé iná tí sọ́ọ̀tì lè fà lọ́wọ́ 2,000 jẹ́ ìlọ́po méjì ti 1,000 bí ìdíwọ́ wọn nínú ọgọ́rùn-ún bá jẹ́ ọgbọọgba, gbogbo pátákó iná wa ìbá sì gbọ́dọ̀ lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Wàhálà dé ní ìgbà ooru kejì. Ẹrù ò ju 810 kVA lọ, síbẹ̀ fáànù ń ṣiṣẹ́ láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Mo gbé tẹmomítà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà nílẹ̀, ó ka 51, nígbà tí ìta jẹ́ 33. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ṣe é ò ju 40 lọ. Mo ya tíṣù kan, mo mú un síwájú ihò òkè tí afẹ́fẹ́ gbígbóná yẹ kó gbà jáde. Kò mì.

Ìwé tó bá a wá sọ bí ihò ìsàlẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó:

```
S = 0.18 × P / √H
```

P ni òfò ní kW, H ni gíga láàárín ihò ìsàlẹ̀ àti tòkè ní mítà. Fún 7 kW àti mítà 2.5, S jẹ́ 0.8 mítà onígun mẹ́rin. Tòkè gbọ́dọ̀ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá fẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ògiri wa ní 0.8 lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn abẹ irin àti nẹ́ẹ̀tì tí bíríkìlà fi dí i ti gba ìdajì. Ẹ̀bi ilé iṣẹ́ tó ṣe tiransifọ́mà kọ́ o. A fẹ ihò méjèèjì dé 1.45 ní àlàfo gidi, torí pé òfò ọdún kẹwàá máa tó 11.5 kW. Yàrá wálẹ̀ sí 38, fáànù sì dákẹ́.

Mo fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Mo yọ ọ̀kan nítorí pé fáànù náà ń pariwo, onífúláàtì àkọ́kọ́ sì ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta. Lóṣooṣù ni mo ń fi ọwọ́ tan fáànù náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ní ọ̀sán, tí wọn ò sí nílé.