Ìkìlọ̀ fún aláàdìrẹ Òṣogbo: aṣọ funfun "CIF Lagos" olówó pọ́ọ́kú

Ẹ̀yin aláàdìrẹ Òṣogbo, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kó aṣọ funfun wá fún wọn ní Ọjà Ọba àti Ìgbọ̀nà, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́. Irú oníṣòwò kan wà tó ń kọ̀wé sí àwọn èèyàn lórí WhatsApp. Ó ní aṣọ òwú funfun wà ní Ṣáínà, iye rẹ̀ ò ju ìdajì ti Èkó lọ, "CIF Lagos" ni, ìyẹn ni pé owó ọkọ̀ ojú omi dé èbúté Èkó ti wà nínú iye náà, iyekíye tó bá wù yín lẹ lè rà, sáńpù sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Kò parọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ohun tó sì jẹ́ kó léwu nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí "iyekíye". Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe aṣọ fúnra rẹ̀ kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ìpele-ìpele ni wọ́n ń fọ aṣọ kó funfun, iná àti oògùn tí wọ́n máa lò fún díẹ̀ kò sì yàtọ̀ púpọ̀ sí ti púpọ̀, nítorí náà iye kan wà tí wọn ò ní gbà kí ẹ rà kéré sí. Lórí ìwé wọn, MOQ ni ẹ máa rí. Ẹni tí kò ní MOQ, ọjà tó ti wà nílẹ̀ ló ń tà, àwọn àṣẹ́kù tí wọ́n ń rà jọ. Ọjà aṣọ ńlá tó wà ní Keqiao, ní Shaoxing, kún fún irú wọn. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé nígbà tí ìpele tí wọ́n ti gé sáńpù yín bá tán, wọ́n á fi òmíràn kún un. Èyí tó máa ń wọ ibẹ̀ jù ni òwú tí wọ́n lú mọ́ pólísítà, tí wọ́n ń kọ TC 65/35 sí lára: 65 nínú 100 ni pólísítà. Aró wa tí a ń fi sódà àti hádírósì pò, òwú ló ń mú, kì í mú pólísítà. Aṣọ á jáde ní ràkọ̀ràkọ̀, ẹ ó rò pé aró ló kú, ẹ ó tún da oògùn sí i lásán.

Nítorí náà, ohun tí ẹ máa kọ sínú lẹ́tà àkọ́kọ́ ṣe pàtàkì ju owó tí ẹ fẹ́ ná lọ. Ẹ má gba ègé tí kò tóbi ju ojú ìwé lọ. Ẹ béèrè yáàdì mẹ́ta, láti etí aṣọ dé etí kejì, kí wọ́n gé e lára ìpele tí wọ́n máa tà fún yín gan-an, kí wọ́n kọ nọ́ńbà ìpele náà sí i lára. Ẹ béèrè bóyá ọjà tó wà nílẹ̀ ni àbí èyí tí wọ́n máa ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, àti iye yáàdì tó kù nínú ìpele yẹn. Kí wọ́n sọ ìbú rẹ̀, kí wọ́n sọ iye gíráàmù tó wà nínú mítà kan níbùú lóròó lẹ́yìn fífọ̀, kí wọ́n sì sọ bóyá mítà ni wọ́n dá owó lé tàbí yáàdì. Owó fífi sáńpù ránṣẹ́, ẹ̀yin lẹ máa ń san án, ìyẹn kì í ṣe jìbìtì. Ẹni tó bá dáhùn ìdajì ìbéèrè yìí tó wá ń bi yín pé "ìgbà wo lẹ máa sanwó?", ẹ fi í sílẹ̀.

Tí sáńpù bá dé, ẹ fa òwú díẹ̀ lára rẹ̀ kí ẹ ṣáná sí i. Òwú gidi á jó bíi bébà, eérú rẹ̀ á rọ̀. Èyí tó ní pólísítà á yọ́, á dì kóró sí ṣóńṣó. Lẹ́yìn náà, ẹ gé sẹ̀ńtímítà 10 sí 10, kí ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò. Tó bá wọn gíráàmù 1.2, gíráàmù 120 ni mítà kan níbùú lóròó. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ègé yẹn kan náà, kó gbẹ dáadáa, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Tó bá di 1.0, sítáàṣì ni wọ́n fi kún un kó lè nípọn lọ́wọ́ yín. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ sì máa ń kọ aró títí sítáàṣì náà á fi jáde.

Èyí tí ẹ ti wọ̀n yẹn ló máa gbà yín lẹ́yìn ọ̀la. Ká ní yáàdì 3,000 lẹ rà, ìbú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 58, gíráàmù 120. Yáàdì kan á wọn gíráàmù 162 tàbí bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ á tó kílò 485. Tí wọ́n bá fi gíráàmù 100 pààrọ̀ rẹ̀, kò ní ju kílò 404 lọ. Ó wọ́pọ̀ pé kí a san 30 nínú 100 níṣàájú, kí a san 70 tó kù kí ẹrù tó kúrò. Kí ẹ tó san 70 yẹn, ẹ béèrè ìwé tí wọ́n kọ ìwọ̀n ẹrù sí, kí ẹ sì wo ìwọ̀n aṣọ nìkan, láìka ọ̀rá àti páálí. Tí kílò 80 bá sọnù, ẹ ti mọ ibi tó lọ. Ẹni tó fẹ́ jà yín lólè lè kọ irọ́ síbẹ̀ o, nítorí náà tí owó bá pọ̀, ẹ gba ilé-iṣẹ́ alábẹ̀wò bíi SGS tàbí Bureau Veritas kí wọ́n lọ wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì fi í wé ìdajì sáńpù tí ẹ̀yin àti olùtà ti fọwọ́ sí.

CIF Lagos wá ńkọ́? Ohun tó túmọ̀ sí ni pé olùtà san owó ọkọ̀ ojú omi àti ìnsọ́ránsì dé èbúté, ó tán. Owó kọ́sítọ́ọ̀mù, owó èbúté, àti ọkọ̀ dé Òṣogbo, ọrùn yín ni. Bí ẹrù bá sì ti wọ ọkọ̀ ní Ningbo, èbúté kan ní Ṣáínà, ewu rẹ̀ ti di tiyín, ìnsọ́ránsì tí CIF béèrè sì ni èyí tó kéré jù, kò ka olè jíjà.

Èyí tó burú jù fara pamọ́ síbòmíràn. Kílò 485 kò lè kún kọ́ńténà, wọ́n máa kó o pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíì. Àwọn ẹjẹ́ńtì kan ní Ṣáínà ń gba irú ẹrù báyìí lówó olùtà ní ẹ̀dínwó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́, wọ́n á wá gba owó wọn padà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kó ẹrù ní Èkó. Alábàáṣe wọn ní Èkó ló di ìwé ìtúsílẹ̀ ẹrù mú. Ohunkóhun tó bá kọ fún yín, ẹ ó san án, torí bí ẹrù ṣe ń pẹ́ síbẹ̀ ni owó ìpamọ́ ń gorí i.

Nínú lẹ́tà yẹn kan náà, ẹ béèrè iye FOB Ningbo, ìyẹn iye aṣọ títí tó fi wọ ọkọ̀ ní Ningbo láìka owó ọkọ̀ ojú omi àti ìnsọ́ránsì, àti iye CIF Lagos lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n sì fi orúkọ ẹjẹ́ńtì Èkó àti gbogbo owó tó máa gbà ránṣẹ́ ní kíkọ sílẹ̀. Tí CIF bá fi díẹ̀ péré ju FOB lọ, tàbí tí wọn ò bá rí àkọsílẹ̀ yẹn mú wá, ẹ ra FOB, kí ẹ sì wá ẹjẹ́ńtì tiyín tó máa kọ gbogbo owó rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹrù tó kúrò níbẹ̀.

Ní ti àkáǹtì, orúkọ tó wà lórí ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà ló gbọ́dọ̀ wà lórí àkáǹtì. Tí ímeèlì bá dé pé àkáǹtì ti yípadà, ẹ pe nọ́ńbà tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀, ẹ má pe èyí tó wà nínú ímeèlì náà.