Wíìlì sílíkà àbí ti asẹ́ 3 Å: èwo ni kí ẹ rà fún ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ìta?

Nínú ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ìta, wíìlì kan máa ń yí láàárín afẹ́fẹ́ tó ń jáde àti èyí tó ń wọlé, láti gba ooru àti ọ̀rinrin padà. Wíìlì onísílíkà jẹ́ẹ̀lì la kọ́kọ́ lò nínú ilé ọ́fíìsì tí mò ń bójú tó ní Ṣikágò. Ti asẹ́ 3 Å, èròjà tí ihò rẹ̀ fẹ̀ tó áńgístírọ́ọ̀mù mẹ́ta, ló wà níbẹ̀ báyìí. Ní ti gbígba ooru àti ọ̀rinrin padà, àwọn méjèèjì ṣiṣẹ́ dáadáa. Sílíkà ni owó rẹ̀ kéré nínú ohun tí wọ́n fi lọ̀ wá.

Òórùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló mú wa pààrọ̀. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń gba inú wíìlì jáde, òórùn rẹ̀ sì ń bá afẹ́fẹ́ tuntun padà wọlé. Ẹni tó tà á fún wa sọ pé èdìdì etí wíìlì ló gbó. A pààrọ̀ èdìdì, òórùn kò lọ. Ìgbà tí a wọn kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì ni ọ̀rọ̀ tó yé wa: níta, 420 nínú mílíọ̀nù; nínú afẹ́fẹ́ tó ń jáde, kó tó dé wíìlì, 900; nínú èyí tó ń wọlé, lẹ́yìn wíìlì, 480. Ìpín afẹ́fẹ́ ìjáde tó ń bá afẹ́fẹ́ tuntun padà wọlé ni wọ́n ń pè ní EATR:

```
EATR = (480 − 420) / (900 − 420) = 12.5%
```

Ìlànà afẹ́fẹ́ inú ilé tí ẹgbẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ASHRAE ṣe, 62.1, pín afẹ́fẹ́ sí ìpele mẹ́rin bó ṣe dọ̀tí tó. Ó fi ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí ìpele kejì, èyí tó ń padà wọlé kò sì gbọdọ̀ kọjá 10%. Ibi tí wọ́n gbé fáànù sí ló fà á. Fáànù ìjáde ń ti afẹ́fẹ́ sínú wíìlì, fáànù ìwọlé sì ń fà á láti ẹ̀yìn wíìlì, nítorí náà agbára ìtì pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tó dọ̀tí ju ti ẹ̀gbẹ́ tó mọ́ lọ. Ìdàkejì ló yẹ. Wíìlì fúnra rẹ̀ náà lè gbé òórùn: ihò asẹ́ 3 Å kéré débi pé omi ló ń wọ̀ ọ́, tí ọ̀pọ̀ gáàsì olóòórùn kò sì lè wọ̀ ọ́. Ihò sílíkà fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wíìlì tuntun náà tún ní ẹnu ìfọ̀, tí afẹ́fẹ́ tuntun díẹ̀ fi ń ṣan ìdọ̀tí inú rẹ̀ padà sí ẹ̀gbẹ́ ìjáde. Àmọ́ bí fáànù bá wà níbi tí kò yẹ, ẹnu ìfọ̀ kò wúlò. Ó tún ń ná afẹ́fẹ́: bí OACF, ìyẹn afẹ́fẹ́ ìta tí à ń fà tí a bá fi èyí tó wọlé pín in, bá jẹ́ 1.08, fáànù gbọ́dọ̀ fa 8% sí i.

Ní ti yìnyín, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ká ní ìta jẹ́ −20°C, inú ilé 21°C, wíìlì sì ń gba 75% padà. Afẹ́fẹ́ ìjáde á tutù dé nǹkan bíi −10°C. Bí ọ̀rinrin inú ilé bá jẹ́ 30%, etí yìnyín gan-an lẹ wà. Bó bá di 40%, yóò dì. Ẹ mú afẹ́fẹ́ ìta gbóná dé −15°C kó tó wọ wíìlì, ẹ sì máa wo ìyàtọ̀ agbára ìtì níwájú àti lẹ́yìn wíìlì: bó bá ń ga díẹ̀díẹ̀ nínú òtútù, yìnyín ti ń dí i.

Fún afẹ́fẹ́ ọ́fíìsì lásán tí kò da ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pọ̀, sílíkà tó. Fún èyí tó bá ní òórùn, asẹ́ 3 Å pẹ̀lú ẹnu ìfọ̀ ni kí ẹ rà, kí olùtajà sì kọ EATR rẹ̀ sílẹ̀ fún ipò fáànù tiyín gan-an. Fún afẹ́fẹ́ ìpele kẹrin, bíi ti kọ́bọ́ọ̀dù kẹ́míkà ní yàrá ìwádìí, ẹ má lo wíìlì kankan.