DELETE ẹlẹ́ẹ̀kejì: 204 ni àbí 404?

Fóònù kan fi ìbéèrè ránṣẹ́ pé kí sáfà pa ọ́dà 73 rẹ́. Sáfà pa á rẹ́, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì já kí èsì tó dé, ni fóònù bá tún un rán. Ṣé 204, pé iṣẹ́ ti yọrí, ni kí sáfà dá padà, àbí 404, pé kò rí ọ́dà náà:

```
DELETE /orders/73   204
DELETE /orders/73   ???
```

Àwọn kan ní 404 kò bófin mu níbí, torí pé ó yẹ kí DELETE ṣeé tún ṣe láìsí ìyàtọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí RFC 9110 (2022), ìwé ìlànà HTTP, ń wò ni ipa tí a fẹ́ kí ìbéèrè náà ní lórí sáfà, kì í ṣe nọ́ńbà èsì. Bó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, bó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ọ́dà 73 kò sí mọ́. Èsì méjèèjì ló tọ̀nà.

404 máa ń tú àṣìṣe fó: ẹni tó kọ 730 dípò 73 á rí i lójú ẹsẹ̀, nígbà tí 204 á jẹ́ kó rò pé iṣẹ́ ti parí. Àmọ́ áàpù tí kò gbọ́n lè sọ fún oníbàárà pé ìparẹ́ kùnà, bẹ́ẹ̀ ọ́dà ti lọ. Èmi á yan 404, áàpù á sì ka 404 tó bá tẹ̀lé àtúnrán sí àṣeyọrí. Fún ètò tó ń dá ṣiṣẹ́ lóru láti pa ohun tí a kò lò mọ́ rẹ́, 204 tó.

Ṣùgbọ́n kò sí èsì tó lè tún `DELETE /orders/latest` ṣe, torí ọ́dà tó dé kẹ́yìn ló ń pa rẹ́: àtúnrán kọ̀ọ̀kan á pa ọ́dà mìíràn rẹ́, nọ́ńbà yòówù kí sáfà dá padà.