SPY àti XSP: ohun tí ojú mi rí lórí ọ́pṣọ̀n méjèèjì

Ó ti lé ní ọdún méjì tí mo ti ń ta ọ́pṣọ̀n níbí ní Amẹ́ríkà, ìyẹn àdéhùn tó fún olùrà ní ẹ̀tọ́ láti ra tàbí ta nǹkan ní iye tí wọ́n ti dá. SPY, àpò ìdókòwò tí wọ́n ń ta ìpín rẹ̀ lọ́jà, ni mo fi bẹ̀rẹ̀; XSP, tó jẹ́ atọ́ka lásán tí kò ní ìpín, ni mo ń lò jù báyìí. S&P 500 kan náà, atọ́ka àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà, ni méjèèjì ń tẹ̀ lé, iye wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ọjọ́ tí ẹni tó ra ọjà rẹ bá ní òun fẹ́ gba ẹ̀tọ́ òun lo máa mọ̀ pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, mo ta kọ́ọ̀lù SPY kan ní 535, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti ra ìpín 100 ní dọ́là 535 ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ra ti 540 láti fi dáàbò bò ó. Ọjọ́ 28 ni méjèèjì máa parí. Dọ́là 180 ló wọlé. Dọ́là márùn-ún lórí ìpín 100 ló wà láàárín wọn, nítorí náà mo gbà pé àdánù mi ò lè kọjá dọ́là 320.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 20, SPY ti dé nǹkan bíi 547. Ẹni tó bá ti ní ìpín SPY lọ́wọ́ kí ọjọ́ Ẹtì tó mọ́ ló máa gba èrè bíi dọ́là 1.76 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ní kọ́ọ̀lù lásán ò ní gba kọ́bọ̀. Nítorí náà, àwọn tó ní kọ́ọ̀lù 535 sọ ọ́ di ìpín lálẹ́ ọjọ́ náà. OCC, iléeṣẹ́ tó ń dúró fún àdéhùn ọ́pṣọ̀n, ṣẹ́ gègé láàárín àwọn alágbàtà, alágbàtà tèmi sì gbé e kà mí lórí.

Nígbà tí mo jí, mo ti ta ìpín 100 tí n kò ní, ní dọ́là 53,500. Èrè dọ́là 176 náà sì di gbèsè ọrùn mi. Mo fi kọ́ọ̀lù 540 mi gba ìpín láti fi san án. Dọ́là 500 lọ síbẹ̀, 176 tẹ̀ lé e. Tí a bá yọ 180 tí mo gbà, àdánù mi jẹ́ 496.

Ká ní XSP ni, kò sẹ́ni tó lè gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ 28, kò sì sí ìpín tí wọ́n máa béèrè. Tí ó bá parí sí 547, màá san 1,200 lórí 535, màá gba 700 lórí 540, àdánù mi á dúró sí 320 gan-an.

XSP ní àléébù tirẹ̀ o. Àlàfo tó wà láàárín iye tí olùrà ń pè àti èyí tí olùtà ń pè fẹ̀ ju ti SPY lọ, torí náà mi ò kì í rà láìdá iye tí mo fẹ́. Ẹ má sì rò pé bákan náà ni SPX, tó jẹ́ ẹ̀yà ńlá XSP: èyí tó ń parí ní ọjọ́ Ẹtì kẹta oṣù, Ọjọ́bọ̀ ni títà rẹ̀ ń dúró, iye tí ọjà bá ṣí sí láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sì fi ń ṣírò rẹ̀. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lóru, o ò lè sá fún un.

Tí mo bá ní ìpín SPY gan-an lọ́wọ́, SPY ni mo ṣì ń ta kọ́ọ̀lù lé, torí ìpín náà ló máa dáhùn. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ èrè tó dé, mo máa ń wo púùtù, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti ta ìpín, tó ní iye àti ọjọ́ ìparí kan náà pẹ̀lú kọ́ọ̀lù mi. Tí owó rẹ̀ bá kéré sí èrè náà, mo máa ń ra kọ́ọ̀lù mi padà kí ọjà tó pa.